Oògùn Ọ̀sán Nínú Ààwẹ̀

Ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ọkọ Suwaibat dé sí Ajégúnlẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú àpò gààrí méjì, kẹ́ẹ̀gì epo kan, àti ẹnu tí kì í dákẹ́. Àlejò tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá kì í ṣe àlejò ọjọ́ méjì. Mọ̀ọ́mi, bí gbogbo ilé ṣe ń pè wọ́n, ní àwọn wá gba ààwẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ àwọn ni, ó sì di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu kí àwọn tó padà. Suwaibat kúnlẹ̀, ó kí wọn káàbọ̀, ó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á dé mùdùnmúdùn.

Wárápá ló wà lára Suwaibat láti kékeré. Hussein ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó mọ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó ń fi tàǹkà gbé epo bẹntiróòlù káàkiri tí kò bẹ̀rù iná, kí ló fẹ́ fi bẹ̀rù wárápá? Akọni ọkùnrin ni Hussein, àfi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Má jẹ́ kí Mọ̀ọ́mi gbọ́ o," ló sọ fún Suwaibat lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe yìgì. "Àwọn ará ilé wa, bí wọ́n bá gbọ́ wárápá, wọ́n á ní ó ń ràn. Wọ́n á ní ká ya abọ́ ẹ sọ́tọ̀, ká ya ife ẹ sọ́tọ̀. Kó tó pẹ́, wọ́n á ní ká ya ìwọ gan-an sọ́tọ̀."

Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn wọ Suwaibat lára, nítorí pé bí Mọ̀ọ́mi ṣe dé báyìí, abọ́ tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ nínú ẹrù: abọ́ tánńganran aláwọ̀ ojú ọ̀run, pẹ̀lú ife rẹ̀. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun pọ̀. Hussein ní láti kékeré òun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe, onífìínfín ni wọ́n. Bí wọ́n bá sì ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín dáadáa, etí gèlè ni wọ́n máa ń fà bo ẹnu. Suwaibat wò ó, ó ní hẹ̀n, obìnrin tó ń ṣe fínfín tó báyìí, bó bá rí ẹni tó ń yọ ìfòfó lẹ́nu, ṣé kò ní í gba ẹnu fèrèsé jáde?

Oògùn tí Suwaibat ń lò ni carbamazepine, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Kì í ṣe òun ló fi bẹ̀rẹ̀. Valproate ló lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì bá a lára mu, àfi pé bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe dé, Dókítà Morìnsọ́lá tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní Àpápá ní kó jẹ́ kí àwọn yí i padà. Ó ní valproate kì í ṣe oògùn tó yẹ kí obìnrin tó fẹ́ lóyún máa lò bí òmíràn bá wà tó lè ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín tàtijọ́ kù bí wọ́n ṣe ń fi kún tuntun, ó gbà wọ́n ní oṣù bíi mélòó kan. Dókítà tún fún un ní fólíìkì ásíìdì, èyí tó lágbára, pé kó ti máa lò ó kí oyún tó dé. Suwaibat ṣe gbogbo rẹ̀. Wárápá sùn, ó lọ sí àjò. Ó lé ní ọdún kan tí kò gbé e.

Kí Mọ̀ọ́mi tó dé, ààwẹ̀ kì í ṣe ìṣòro fún Suwaibat. Aláìsàn ni ẹ̀sìn kà á sí, ó ń lo oògùn rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń bọ́ aláìní dípò ọjọ́ tí kò gbà. Ọdún yìí le. Iwájú ilé ló ti ń ránṣọ, yunifọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ ebúté ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mọ̀ọ́mi gbé àga wọn kalẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ìròyìn lẹ́nu. Obìnrin wo ni yóò gbé ife omi sẹ́nu lọ́sàn-án gangan lójú ìyá ọkọ tó ń gbààwẹ̀?

Èyí tó tún wá lé e ni pé oyún ti wà nílẹ̀, oyún oṣù méjì. Aláboyún náà lè tú ààwẹ̀ bí ara kò bá gbà á, ṣùgbọ́n oyún tí kò tíì yọ, a kì í pariwo rẹ̀. Bó bá sọ oyún, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bí ẹyin. Bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ, wọ́n á rí oògùn. Ló bá pinnu pé òun á gbààwẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, òun á lo tàárọ̀ nígbà sààrì, òun á lo tọ̀sán àti talẹ́ pọ̀ nígbà ìṣínu. Nínú ìṣirò tirẹ̀, mẹ́ta ṣì ni mẹ́ta.

Ikùn kò mọ ìṣirò yẹn. Lẹ́yìn ìṣínu ọjọ́ kejì, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Abẹ́rẹ́ kan di méjì lójú rẹ̀, okùn kan di méjì, Mọ̀ọ́mi kan di méjì, bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo gan-an ti pọ̀ jù. Ó dìde láti gbé abọ́, ó ń ta gẹ̀ẹ̀gẹ̀ bí ẹni tó mutí. Mọ̀ọ́mi tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà á, ó pa ìlọ́po méjì tì. Láti ọjọ́ náà, méjì péré ló ń lò lójúmọ́, tàárọ̀ àti talẹ́, ó fi tọ̀sán jin Ọlọ́run.

Hussein ì bá ti kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ti wọ ìlà tàǹkà ní Kírikírì, níbi tí wọ́n ti ń retí epo. Ìlà yẹn kì í tẹ̀síwájú, ńṣe ló ń dàgbà. Bó bá pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, Suwaibat á ní kò síyọnu.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ààwẹ̀ wọlé. Oorun kò tó, nítorí sààrì. Oògùn kò tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, apá òsì Suwaibat mì lójijì, ṣáṣá báyìí, ó sì dáwọ́ dúró. Ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó gbọ́ ohùn gbèsè lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ṣe rí. Ó wọ yàrá lọ, ó ṣí àpótí aṣọ, ó tú u dé ìsàlẹ̀, ó fa ìgò valproate àtijọ́ jáde. Ó ṣì kù nínú rẹ̀. Ó rántí pé irú èyí, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ lòun ń lò ó nígbà náà. Kò sí tọ̀sán, kò sí ìjọ̀gbọ̀n. Ìyókù ààwẹ̀ péré ni, kí ni ọjọ́ díẹ̀ fẹ́ ṣe fún ọmọ inú? Ó fi ìgò náà sí àpò aṣọ rẹ̀, ó ní bí òun bá ti ṣínu, òun á gbé e mì.

Kò tíì padà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí òórùn rọ́bà tó ń jóná fi gba imú rẹ̀. Rọ́bà kankan kò jóná. Òórùn yẹn ni wárápá rẹ̀ máa ń rán síwájú bí alukoro. Ó ráyè yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, ó ráyè ti ara rẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ, kò ráyè pe ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó lajú, ẹ̀gbẹ́ ló fi dùbúlẹ̀. Gèlè Mọ̀ọ́mi ló wà lábẹ́ orí rẹ̀. Wọ́n ti tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, wọ́n ti sún àga àti sísọ́ọ̀sì kúrò nítòsí. Lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Peculiar, aládùúgbò wọn tó ń ta ẹja ní Marine Beach, di ṣíbí mú lọ́wọ́ kan, ìgò epo pupa lọ́wọ́ kejì.

"Mama, abeg, put spoon for her mouth before she chop her tongue!"

"Fi ṣíbí ẹ lọ ro ọbẹ̀!" Mọ̀ọ́mi jágbe mọ́ ọn. "Mo ní kò sí nǹkan tó ń wọ ẹnu ẹ̀! Eyín lo fẹ́ kán ni, àbí o fẹ́ fún un lọ́rùn? Ó ti kọjá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lọ bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró."

Màmá Peculiar kò gbọ́ gbogbo Yorùbá náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Ó sáré jáde tòun ti ṣíbí.

Suwaibat rántí ibi tó wà. Ó rí ìfòfó lórí etí gèlè Mọ̀ọ́mi. Ó rí i pé ìgò valproate ti já bọ́ láti àpò rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ Mọ̀ọ́mi. Àṣírí tú, ó tú tán pátápátá. Ó bú sẹ́kún.

"Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Hussein mọ̀. Oyún wà nínú mi."

"Mo mọ̀ pé oyún wà nínú ẹ."

Suwaibat gbójú sókè. "Ẹ mọ̀ báwo?"

"Ààwẹ̀ wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, o ò jẹ ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí nǹkan oṣù. Obìnrin tí kò jẹ ààwẹ̀ kankan látìbẹ̀rẹ̀ oṣù, bí kò bá dàgbà bíi tèmi, á jẹ́ pé ó ti lóyún. Ìwọ rò pé ò ń fi nǹkan pamọ́, o wá ń fi ààwẹ̀ kéde ẹ̀!"

Suwaibat tó ń ronú àtipamọ́ lọ́sàn-án lóru kò ronú kan èyí rí. Mọ̀ọ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n la ẹnu kalẹ̀. Kò sí gèlè tí wọ́n lè fà bò ó, abẹ́ orí ìyàwó ló wà. Èrìgì wọn wú, ó fẹ́ẹ̀ bo ìdajì eyín.

"Wo ẹnu mi. Wò ó dáadáa. Ṣé o rò pé fáàrí ni mò ń fi gèlè bò ó? Phenytoin ló wú u báyìí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń lò ó, alaalẹ́. Wárápá tìẹ, ọmọdé ni lọ́dọ̀ tèmi."

Suwaibat wo èrìgì, ó wo ojú, ó tún wo èrìgì.

"Hussein ń kọ́?"

"Hussein kò mọ̀. Títí bàbá ẹ̀ gan-an fi kú, ó rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló mọ̀, òun ni nọ́ọ̀sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú mi bó bá gbé mi." Ni ẹ̀rín bá gba ẹnu wọn, wọ́n rín in ní gbangba tó jẹ́ pé omi jáde lójú wọn. "Ọmọ yìí mà gbìyànjú o! Ó fi tìẹ pamọ́ fún mi, èmi náà sì ti fi tèmi pamọ́ fún un kó tó mọ̀ ọ́n rìn!"

Suwaibat kò mọ ìgbà tóun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Orí ń fọ́ ọ, ara ń ro ó, ìtìjú kò tíì gbẹ lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ìgò náà. "Mọ̀ọ́mi, ẹ fún mi kí n lo ọ̀kan nísinsìnyí. Èyí ló mọ̀ mí jù. Mi ò fẹ́ kó tún gbé mi."

Mọ̀ọ́mi di ìgò náà mú gírígírí. "Ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ tẹ́lẹ̀?"

"Dókítà."

"Torí kí ni?"

Suwaibat wolẹ̀. "Torí ọmọ."

"Àbí ọmọ ti jáde nínú ẹ ni? Èmi ò mọ oògùn yìí o, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í jẹ́ kó wọ ẹnu ẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Dìde, kẹ̀kẹ́ ti dé."

Ní Àpápá, Dókítà Morìnsọ́lá Oyèníran yẹ Suwaibat wò, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n yẹ oyún wò. Oyún wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá jókòó tó gbọ́ gbogbo ìtàn, látorí ìlọ́po méjì ìṣínu dórí ìgò inú àpótí àti phenytoin Mọ̀ọ́mi. Ó di orí mú.

"Suwaibat, tọ̀sán tó o fò, ìlọ́po méjì alẹ́ ò lè dí i. Lọ́sàn-án, oògùn ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, wárápá rí àyè. Lálẹ́, ó pọ̀ jù, ojú ń ṣe ẹ́ méjìméjì. Bó o bá gbàgbé ọ̀kan, lò ó bó o bá ti rántí. Bí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́, fi èyí tó o gbàgbé sílẹ̀, má lọ́po ẹ̀. Àti ààwẹ̀, ta ló ní kó o gbà á? Aláìsàn, aláboyún!"

"Mo ti sọ fún un nínú kẹ̀kẹ́," Mọ̀ọ́mi dá sí i.

"Ṣé carbamazepine yìí ò ní í ṣe ọmọ mi ní nǹkan?" Ìbéèrè yìí ló ti wà lọ́kàn Suwaibat látọjọ́ tó ti mọ̀ pé òun lóyún.

Dókítà kò tàn án. Ó ní kò sí oògùn wárápá nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń sọ yìí tí kò léwu rárá fún ọmọ inú. Carbamazepine ní tiẹ̀, phenytoin ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò wọ́n ni wọ́n ń bí láìní àbùkù. Valproate ni tirẹ̀ pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ kí egungun ẹ̀yìn ọmọ má pa dé, ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ìyá tó mọ̀ pé òun lóyún. Ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kí ìwé má wọlé, kí ọ̀rọ̀ sísọ pẹ́, ọpọlọ sì rèé, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń dàgbà.

"Torí náà, kò sí ọjọ́ tí mo lè pè ní ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà: bó o bá sá fún oògùn tí wárápá wá ń gbé ẹ ṣubú, ìyẹn náà léwu fún ọmọ àti fún ìwọ. Ẹni tó ń lo valproate pàápàá ò gbọ́dọ̀ dédé já a sílẹ̀, kó wá bá wa ni. A ó padà sí mẹ́ta tó ti gbà ẹ́ tẹ́lẹ̀, a ó máa wo ẹ̀jẹ̀ ẹ, torí oyún lè jẹ́ kí oògùn dín kù lára. Bó bá tó àsìkò, a ó ya àwòrán ọmọ, a ó wo ẹ̀yìn ẹ̀."

Mọ̀ọ́mi sún mọ́ tábìlì. "Dókítà, èmi náà, phenytoin ni mo fi lóyún ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó lè ṣe é ní nǹkan. Ṣé ó ṣe é ní nǹkan?"

"Oyún ọmọ wo?" Hussein ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mọ̀ọ́mi ti pè é láti inú kẹ̀kẹ́, ó sì gba ọ̀kadà láti Kírikírì, eruku bò ó bí àgbẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó wo ìyàwó, ó wo ìyá, kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sáré bá.

Wọ́n sọ fún un. Ó jókòó sórí ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n wo ọwọ́ yín," Dókítà sọ fún un. Hussein na án. Èékánná rẹ̀ kéré pinpin, ìka ọmọńdinrín rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ ní rárá. Látilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ phenytoin ni, èmi ò lè búra. Ó máa ń ṣe èékánná àwọn ọmọ mìíràn bẹ́ẹ̀. Ó lè burú jùyẹn lọ, ṣùgbọ́n tiyín kò burú."

"Ìyẹn ni pé Mọ̀ọ́mi ló jí èékánná mi?" Hussein bi í. Ẹ̀rín bú nínú yàrá, Dókítà náà rín in.

Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni Mọ̀ọ́mi béèrè ohun tó kù nínú wọn, ohùn wọn sì kéré, tí wọn ò jọ ara wọn mọ́. "Dókítà, abọ́ ń kọ́? Bí mo bá bá ọmọ jẹ nínú abọ́ kan, ṣé kò ní í ràn án?"

"Mà, wárápá kì í ràn. Itọ́ kì í gbé e, abọ́ kì í gbé e. Ta ló sọ fún yín bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ló sọ ọ́." Mọ̀ọ́mi wo Hussein. "Mi ò bá ẹ jẹun pọ̀ rí látọjọ́ tó o ti dáyé."

Hussein dìde nílẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ mú. Suwaibat wo àwọn méjèèjì, ó sunkún fún abọ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn ju bó ti sunkún fún ara rẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó lọ, Dókítà fi ìwé rán Mọ̀ọ́mi sí oníṣègùn eyín, ó ní kí wọ́n padà wá kí àwọn wo ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n má sì dá oògùn dúró fúnra wọn. Ìgò valproate wà lórí tábìlì rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ladáànì bá ti pe ìrun ọ̀sán, Mọ̀ọ́mi á ti ké láti iwájú ilé, "Ìyàwó, oògùn!" Gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ìtúnu kọjá, wọn ò padà sí Ìsẹ́yìn mọ́. Kò pẹ́ tí Màmá Peculiar náà fi ń ké e láti òdìkejì ọ̀nà, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó pè é dọ́gba. Wárápá gbọ́ ariwo, kò padà wá. Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ọmọ, Suwaibat di ojú títí Dókítà fi ní egungun ẹ̀yìn pa dé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mọ̀ọ́mi ní kí wọ́n wo èékánná. Dókítà ní ẹ̀rọ òun kò ríran tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin ni ọmọ náà. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì K bí wọ́n ṣe bí i, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà lára rẹ̀ nítorí oògùn ìyá, Dókítà sì ní kí Suwaibat máa fún un lọ́mú, kí òun náà máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Mọ̀ọ́mi gba ọmọ, wọn ò wo ojú, wọn ò wo irun, ọwọ́ ni wọ́n tú wò. Èékánná mẹ́wàá, kò sí èyí tó kéré. Igbe ayọ̀ tí wọ́n ké, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọ́ ní Kaothar. Àlùfáà ṣàdúà tán, oúnjẹ jáde. Àwọn ẹbí láti Ìsẹ́yìn kún pálọ̀, Suwaibat sì rí i tí Mọ̀ọ́mi gbé abọ́ tánńganran wọn jáde bí ìṣe wọn, tí wọ́n bu ìrẹsì sí i, ṣùgbọ́n ìrẹsì náà pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Ladáànì pe ìrun ọ̀sán. Mọ̀ọ́mi pe ìyàwó, wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, wọ́n bu omi sínú ife tiwọn fún un. Ìyá àgbà kan láti Ìsẹ́yìn béèrè pé oògùn kí ni.

"Oògùn wárápá," Mọ̀ọ́mi dáhùn, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà ní. Tèmi di alẹ́."

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí wọn. Mọ̀ọ́mi gba ife lọ́wọ́ Suwaibat, wọ́n mu ìyókù omi inú rẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ sáàárín ara wọn àti Hussein.

"Ọmọ mi, fọ ọwọ́ ẹ."

Hussein fọ ọwọ́. Ó fi ìka rẹ̀ tó ní èékánná kékeré bu òkèlè ìrẹsì kan nínú abọ́ ìyá rẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mọ̀ọ́mi bu tiwọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, gèlè wọn wà lórí, wọn kò fà á.